Ìfọjàsáyè àti Ọ̀nà Ìrìn nínú Ilé-Ìkẹ́rùsí

1. Ìtumọ̀

Nínú ọ̀pọ̀ ilé-ìkẹ́rùsí, ìrìn ni ó ń gba apá tí ó pọ̀ jù nínú àkókò òṣìṣẹ́ tí ń ṣa ọjà tí oníbàárà béèrè. Yíyan ibi tí ọjà kọ̀ọ̀kan yóò wà lórí pẹpẹ ni à ń pè ní *ìfọjàsáyè* (ì + fi + ọjà + sí + àyè).

2. Ìwọ̀n àyè-sí-ìbéèrè

Èrò tí ó kọ́kọ́ ń sọ síni lọ́kàn ni pé kí ọjà tí wọ́n ń béèrè jù sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù. Ní 1963, J. L. Heskett gbé ìlànà mìíràn kalẹ̀: kí á fi iye ìgbà tí wọ́n béèrè ọjà pín àyè tí ọjà náà gbà. Èyí tí èsì rẹ̀ kéré jù ni yóò sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù. Ìdí rẹ̀ ni pé ọjà tí ó gba àyè púpọ̀ ń ti àwọn yòókù jìnnà.

Ẹ jẹ́ kí á wo pẹpẹ kan tí ó gùn ní mítà 15 láti ẹnu ọ̀nà. Bébà gba mítà 12, wọ́n sì ń béèrè rẹ̀ nígbà 60 lójúmọ́; ọṣẹ gba mítà 2, nígbà 40; bátìrì gba mítà 1, nígbà 10. Èsì wọn ni 0.20, 0.05 àti 0.10. Bí ó bá jẹ́ ọjà kan ṣoṣo ni òṣìṣẹ́ ń mú lẹ́ẹ̀kan, tí a sì ka ìrìn dé àárín àyè ọjà kọ̀ọ̀kan, fífi bébà ṣíwájú, kí ọṣẹ àti bátìrì tẹ̀ lé e, yóò gba mítà 2,050 lójúmọ́, àlọ àti àbọ̀. Bí ọṣẹ bá ṣíwájú, tí bátìrì tẹ̀ lé e, tí bébà kẹ́yìn, mítà 1,210 péré ni.

3. Ọ̀nà ejò àti ọ̀nà àlọ-àbọ̀

Ìṣirò yìí kò dúró mọ́ bí òṣìṣẹ́ bá ń mú ọjà púpọ̀ nínú ìrìn kan. Ní *ọ̀nà ejò*, ẹni tí ó bá wọ àlàfo àárín pẹpẹ méjì gbọ́dọ̀ là á já. Nítorí náà, àlàfo díẹ̀ tí ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ni kí ọjà tí ń yá kún. Ní *ọ̀nà àlọ-àbọ̀*, ibi tí ó gbà wọ àlàfo ni yóò gbà jáde. Iwájú àlàfo kọ̀ọ̀kan ni ó yẹ irú ọjà bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ bá pọ̀, àlàfo díẹ̀ náà lè há. Àmì rẹ̀ ni pé ìrìn dínkù, síbẹ̀ àkókò kò dínkù, nítorí wọ́n ń dúró de ara wọn. Nígbà náà, kí á pín ọjà tí ń yá sí àlàfo púpọ̀ sí i.

Nítorí náà, kí olùtumọ̀ má ṣe fi *ọjà tí ń yá* dípò *ọjà tí ìwọ̀n àyè-sí-ìbéèrè rẹ̀ kéré*. Bébà ń yá ju ọṣẹ lọ, síbẹ̀ ẹ̀yìn ni àyè rẹ̀.