Ta Ló Ni Fọ́tò Yìí?

Ẹ̀yin ará, púpọ̀ nínú wa ní Wárì àti Ẹ̀fúrùn ló ń ra láptọ́ọ̀pù àlòkù lọ́wọ́ ẹni tí a kò rí rí, a sì ń bá àjèjì dọ́rẹ̀ẹ́ lórí fóònù. Fọ́tò ni a kọ́kọ́ máa ń gbà gbọ́. Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí bí a ṣe lè mọ ibi tí fọ́tò ti wá kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wa.

1. Fọ́tò òtítọ́, ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe òtítọ́

Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, wọ́n jí ọmọbìnrin 276 gbé ní Ṣíbọ́kì. Láìpẹ́, fọ́tò àwọn ọmọdébìnrin kan tàn káàkiri ayé pẹ̀lú #BringBackOurGirls. Àwọn tó ń pín in rò pé àwọn tí wọ́n jí gbé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ami Vitale, ayafọ́tò ará Amẹ́ríkà, ló ya àwọn ọmọ náà ní Gínì-Bìsáù ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú, òun fúnra rẹ̀ ló sì jáde sọ ọ́. Ayédèrú kọ́ ni fọ́tò náà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n so mọ́ ọn ni kò bá a mu. Nítorí náà, ohun tí a ń wá ni ibi tí fọ́tò ti wà ṣáájú, àti orúkọ tó bá a rìn níbẹ̀.

2. Bí a ṣe ń wá a

Ká ní ẹnìkan fi fọ́tò HP EliteBook 840 ránṣẹ́ sí yín lórí Wọ́tsáàpù. Ó ní Ẹ̀fúrùn ni òun wà, kí ẹ san ìdajì owó sílẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú fọ́tò náà sínú fóònù. Bí kò bá ṣeé tọ́jú, ẹ ya ojú fóònù, kí ẹ sì gé orúkọ, aago àti ọ̀rọ̀ tó yí fọ́tò ká kúrò, kí wọ́n má baà da èsì rú.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Google, ẹ tẹ àmì kámẹ́rà inú àpótí ìwákiri, kí ẹ mú fọ́tò náà. Google Lens nìyẹn. Láptọ́ọ̀pù tó kàn jọ ọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ gbé jáde. Ẹ tẹ "Exact matches", kí ó fi ibi tí fọ́tò yẹn gan-an wà hàn yín.

Ẹ tún gbé e lọ sí tineye.com, kí ẹ yan "Oldest". Ọjọ́ tí ẹ máa rí níbẹ̀ ni ọjọ́ tí TinEye kọ́kọ́ bá fọ́tò náà pàdé, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n yà á.

3. Bí a ṣe ń ka èsì

Bí ẹ bá rí fọ́tò náà nínú ìpolówó ọdún méjì sẹ́yìn ní orílẹ̀-èdè mìíràn, tí ìhà kan náà há lára ìdérí rẹ̀, tí aṣọ tábìlì kan náà wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ má sanwó. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ fọ́tò funfun báláú tí iléeṣẹ́ fi ń polówó, olóòótọ́ náà máa ń lò ó. Ohun tí èyí fi hàn ni pé ẹ kò tíì rí láptọ́ọ̀pù tirẹ̀.

Fún fọ́tò ènìyàn, bí ojú kan náà bá ń jẹ́ orúkọ mẹ́ta ní ìlú mẹ́ta, ẹ sá. Ẹ má sì bú ẹni inú fọ́tò. Wọ́n lè ti ja òun náà lólè.

4. Bí a kò bá rí nǹkan kan

Àìrí kì í ṣe ẹ̀rí òdodo. Ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í wo inú Wọ́tsáàpù, wọn kì í sì í rí ojú ìwé Fesibúùkù tí wọ́n tì pa. Oníjìbìtì tún lè yí fọ́tò padà, kí ọ̀tún di òsì, kí ẹ̀rọ má baà dá a mọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ara láptọ́ọ̀pù bá kọjú sódì, ẹ yí fọ́tò náà padà, kí ẹ tún un wá.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ní kí ó ya fọ́tò tuntun: láptọ́ọ̀pù náà ní títàn, pẹ̀lú bébà tó kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin yàn ní wákàtí yẹn sí. Ẹni tí ọjà wà lọ́wọ́ rẹ̀ á yà á ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí àwáwí bá pọ̀, ẹ di owó yín mú.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín fọ́tò tó jọra àti fọ́tò kan náà?
2. Kí ni ọjọ́ tí TinEye fi hàn ń sọ, kí ni kò sì sọ?
3. Ẹ mú fọ́tò ọjà kan lórí fóònù yín, ẹ wá a, kí ẹ sọ èsì rẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀.