Ọ̀rá Ń Lọ, Omi Ń Dé: Ohun tí Sikéèlì Kì í Sọ fún Obìnrin

Ní ìsinmi tó kọjá, mo wà nílé ní Ìlọràá nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ̀kalẹ̀ lórí sikéèlì tó gbé sí ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, tó sì ní, "Mo tún ti sanra." Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ. Dípò kí kílò dínkù, ṣe ló fi díẹ̀ lé e. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti bá a ra páálí tíì kan tí wọ́n ní ó ń fọ ọ̀rá dànù, ó sì ti pinnu pé òun ò ní jẹun alẹ́ mọ́.

Nítorí ẹ̀kọ́ tí à ń kọ́ ní ẹ̀ka wa yìí, ọ̀rọ̀ náà, sanra, ni mo kọ́kọ́ dì mú. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò pe ara wíwú ní sísanra. Ẹni tó sanra ní ẹran àti ọ̀rá lára. Ẹni tí ara rẹ̀ wú, omi ló gbà á. Èdè wa ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n sikéèlì ò gbọ́ Yorùbá. Ọ̀rá, omi, àti àmàlà àná tó ṣì wà nínú ìfun, gbogbo rẹ̀ ló ń kà pọ̀ mọ́ra.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀rá ṣe ń lọ. Kílò kan ọ̀rá ara ní nǹkan bí kálórì 7,700 nínú. Ẹ̀gbọ́n mi ti yọ ìgò mínírà kan kúrò lójúmọ́, ó sì dín àmàlà alẹ́ kù. Mo fojú bù ú sí kálórì 330 lóòjọ́. Ní ọjọ́ 28, ìyẹn jẹ́ 9,240, tó túmọ̀ sí kílò kan àti díẹ̀, 1.2. Tí a bá pín in sí ojoojúmọ́, kò ju gíráàmù 43 lọ. Píọ̀ wọ́tà kan ṣoṣo tí èèyàn mu kó tó gun sikéèlì wọn ìdajì kílò, ìyẹn ju ọ̀rá ọjọ́ mọ́kànlá lọ. (Pé ọ̀rá ni a tún ń pe láílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi di omi náà, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún kíláàsì ìmọ̀ ìtumọ̀.)

Iyọ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tó ń dá omi dúró. Ara kì í gbà kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ki ju bó ṣe yẹ lọ. Omi dírípù oníyọ̀ tí wọ́n ń fà síni lára ní ọsibítù máa ń ní iyọ̀ gíráàmù 9 nínú lítà kan, nítorí pé ìyẹn ló sún mọ́ bí omi ara ṣe rí. Nítorí náà, ẹni tó bá jẹ iyọ̀ gíráàmù 9 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òùngbẹ yóò gbẹ ẹ́, kíndìnrín rẹ̀ yóò sì lè fi omi tó tó lítà kan pa mọ́ títí tí yóò fi rí iyọ̀ náà tọ̀ dànù láàárín ọjọ́ díẹ̀. Lítà kan omi, kílò kan nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 iyọ̀ lójúmọ́, ìyẹn bí ṣíbí tíì kan. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń da Máàgì sínú ìkòkò jọ́lọ́ọ̀fù níbi ìnáwó yóò mọ̀ pé kò ṣòro láti kọjá rẹ̀, nítorí iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú Máàgì fúnra rẹ̀.

Ohun kejì ni nǹkan oṣù. Láàárín oṣù, lẹ́yìn tí ẹyin obìnrin bá ti já, họ́móònù tí wọ́n ń pè ní projẹ́sitẹ́róònù yóò gòkè. Lákòókò yẹn kan náà, alidositẹ́róònù, họ́móònù tó ń sọ fún kíndìnrín pé kó di iyọ̀ mú, máa ń pọ̀ sí i. Ibi tí iyọ̀ bá dúró sí, omi ń dúró tì í. Projẹ́sitẹ́róònù tún máa ń jẹ́ kí ìfun lọ́ra, ìdí nìyẹn tí ikùn ọ̀pọ̀ obìnrin fi ń kún, tí ìgbẹ́ sì ń le. Omi yìí sábà máa ń pọ̀ jù ní àyíká ọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Kì í ṣe gbogbo obìnrin ló ń ṣe bákan náà: ẹlòmíràn ò ní fura sí nǹkan kan, ẹlòmíràn yóò rí kílò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo wá ní kí ẹ̀gbọ́n mi mú kàlẹ́ńdà rẹ̀ wá. Ọjọ́ kẹfà tí nǹkan oṣù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọn ara rẹ̀: kílò 84.0. Ọjọ́ tó ń sunkún yìí jẹ́ ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n: 84.6. Ọjọ́ 21 ló wà láàárín wọn. Bí ìṣirò wa bá tọ̀nà, ọ̀rá tó ti lọ tó kílò 0.9, nítorí náà 83.1 ló yẹ kó rí. Kílò kan àtààbọ̀ tó lé lórí rẹ̀ ńkọ́? Nǹkan oṣù rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ó sì ti lọ jẹ jọ́lọ́ọ̀fù àti pọ̀nmọ́ níbi ìnáwó ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Mi ò lè sọ èyí tí ìkọ̀ọ̀kan wọn dá sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rá kọ́: kó tó fi ọjọ́ méjì sanra tó bẹ́ẹ̀, yóò ní láti jẹ kálórì tó lé ní 11,000 ju ohun tí ara rẹ̀ nílò lọ.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi tíì náà sílẹ̀. Irú tíì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní ewé tó ń ṣí ìfun nínú. Èèyàn yóò yàgbẹ́, sikéèlì yóò sì wálẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n omi àti àwọn iyọ̀ tí ọkàn nílò ló lọ. Tí ó bá ti mu omi, ó ti padà síbi tó wà.

Ohun tí a ṣe ni pé ó ń wọn ara rẹ̀ láàárọ̀, lẹ́yìn tó bá ti tọ̀, kó tó jẹ tàbí mu ohunkóhun. Ọjọ́ kẹfà oṣù yìí la fi ń wé ọjọ́ kẹfà oṣù tó ń bọ̀, nítorí ìgbà yẹn ni omi ti lọ. Tépù ìránṣọ rẹ̀ náà ṣiṣẹ́, a fi ń wọn ìbàdí lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ kì í dé déédéé lè ro gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pọ̀, kó pín in, kó sì fi wé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó tẹ̀ lé e.

Omi mìíràn wà tí kì í ṣe ti nǹkan oṣù. Bí èèyàn bá fi ìka tẹ ojúgun tí ojú ibẹ̀ sì jìn wọlé tí kò tètè dìde, bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, bí èémí bá ń kúrú, tàbí bí ojú àti ọwọ́ aláboyún bá wú tí orí sì ń fọ́ ọ, ọsibítù ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ kẹfà tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi wọn 82.8. Ní oṣù kejì, 81.7. Ní oṣù kẹta, ó ṣì jẹ́ 81.7, ìbàdí rẹ̀ kò sì yí padà. Ó ní, "Àbúrò, omi ni, àbí?" Mo ní rárá, ọjọ́ kan náà la fi wé ara wọn. A bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó ń jẹ, a sì bá ẹ̀pà yíyan nínú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì rẹ̀.