Àdàn Kò Wọ́n, Wọ́n Fi Pamọ́ Ni

Bí a kò bá rí àdàn, à fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ta ni kò mọ ìyẹn? Ohun tó ń bí mi nínú ni bí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fi ọ̀kadà gbé oúnjẹ kiri Èkó ṣe sọ òwe yìí di òfin ilé wọn. Ẹran kò pé nínú ọ̀rá, oníbàárà pariwo, wọ́n na òòbẹ̀ sí i, òun náà sì ń dúpẹ́.

Ojú mi ló ṣe nílé ìyàwó àbúrò mi ní Súrùlérè. Àlejò ti wà nílẹ̀, kò ráyè dáná, ló bá ra oúnjẹ lórí fóònù: jọ̀lọ́ọ̀fù méjì ní ₦7,000, itan adìẹ díndín méjì ní ₦6,000, mọ́ínmọ́ín méjì ní ₦2,400 àti dòdò ₦1,000. Owó oúnjẹ jẹ́ ₦16,400, owó ọlọ́kadà àti owó iṣẹ́ wá gbé e dé ₦18,000. Káàdì báǹkì rẹ̀ ló fi san án. Nígbà tí a tú ọ̀rá, ìrẹsì wà, mọ́ínmọ́ín wà, dòdò wà, ṣùgbọ́n a kò rí adìẹ. Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀rá kò tíì ya, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má bú ọlọ́kadà. Ilé oúnjẹ ni kò dì í sí i.

Ó fẹjọ́ sùn nínú áàpù. Ká tó wí, ká tó fọ̀, ohun kan ti yọ lójú fóònù: “Refund to wallet”, ₦6,000. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti dá owó mi padà. Wọ́n mà gbìyànjú o.” Mo ní kó fi alẹ́ẹ̀tì báǹkì rẹ̀ hàn mí. Kò sí alẹ́ẹ̀tì kankan.

Kò lè sí, nítorí owó kan kò kúrò níbi tó wà. Gbogbo ₦18,000 ṣì wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ara wọn pé àwọn jẹ ẹ́ ní oúnjẹ ₦6,000. Kò lè gbà á jáde, kò sì lè fi í ra ata ní ọjà Tẹ́júoṣó. Nígbà tí a wá ka àwọn ọ̀rọ̀ wínníwínní tó wà lábẹ́ rẹ̀, a rí i pé ọgbọ̀n ọjọ́ ni owó áàpù náà ní láti fi wà láyé, pé kò lè san owó ọlọ́kadà, àti pé oúnjẹ tí kò bá tó ₦8,000 kò lè gbà á. Kí obìnrin yìí tó lè jẹ ₦6,000 tirẹ̀, ó ní láti fi ₦2,000 kún un, kó sì tún san ₦1,600 mìíràn fún ọlọ́kadà àti iṣẹ́. Ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè ló tún ń náwó kí wọ́n tó san án!

Mo mọ ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀. Bí owó bá máa padà sórí káàdì, wọ́n ní láti sọ fún ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn gba owó lórí káàdì, kí ìyẹn rán an lọ sí báǹkì oníbàárà. Èrè tí ìyẹn ti yọ nígbà tí a sanwó kì í sábà padà, àwọn ló máa gbé e mì. Owó áàpù kò ná wọn ju kí wọ́n kọ nọ́ńbà sílẹ̀ lọ. Bí oníbàárà bá sì gbàgbé títí ọgbọ̀n ọjọ́ fi pé, wọ́n ti ta adìẹ tí wọn kò dín.

Ẹ rántí Oṣù Kejìlá ọdún 2023. Jumia Food àti Bolt Food, àwọn ńláńlá méjì yìí, ni wọ́n palẹ̀ mọ́ ní Nàìjíríà lóṣù kan náà. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí èyíkéyìí nínú àwọn tó kù. Bí owó yín bá wà ní báǹkì ńlá tí báǹkì náà sì dojú dé, àjọ NDIC wà lẹ́yìn yín títí dé ₦5,000,000. Kò sí ẹni tó dúró fún owó áàpù. Bí ilé-iṣẹ́ bá kógbá sílé tó sì ń jẹ gbèsè, ẹ ó lọ tò sẹ́yìn àwọn olówó, láìní ohun ìdúró kankan lọ́wọ́.

Ohun tó yẹ ká ṣe kò le. Kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ, ẹ tò ó sórí tábìlì, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá àti rísíìtì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fẹjọ́ sùn lójú ẹsẹ̀, lábẹ́ oúnjẹ ọjọ́ náà gan-an nínú áàpù, nítorí púpọ̀ nínú wọn kì í gba ẹjọ́ tó bá ti sùn mọ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Bí “wallet” tàbí “credit” bá yọ, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá “Original payment method”. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wọn: “Káàdì ni mo fi sanwó, orí káàdì ni mo fẹ́ kí ₦6,000 mi padà sí.” Ẹ má fi èébú kún un, ọmọ iṣẹ́ lásán ló ń kà á.

Ẹ ní sùúrù lẹ́yìn náà, nítorí owó orí káàdì lè gbà tó ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Alẹ́ẹ̀tì náà sì lè má dún, nítorí náà ẹ wo sítétímẹ̀ǹtì. Bí ọjọ́ bá pé tí ẹ kò rí nǹkan, tí káàdì yín sì jẹ́ Visa tàbí Mastercard, ẹ béèrè nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní ARN lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Ẹyọ nọ́ńbà 23 ló wà nínú rẹ̀, òun ni báǹkì máa fi tọ ipasẹ̀ owó náà. Ẹni tó ní òun ti dá owó padà, tí kò sì rí ARN mú wá, ó yẹ ká fura sí i.

Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, báǹkì tó fún yín ní káàdì lè bá yín gba owó ohun tí kò dé, ìyẹn ₦6,000, kì í ṣe gbogbo ₦18,000. Àmọ́ bí ẹ bá ti tẹ owó áàpù yẹn, wọ́n á fi han báǹkì pé ẹ ti gbà láti parí ìjà, ibẹ̀ ni ẹjọ́ yín ti máa yẹ̀. Òfin wà lẹ́yìn yín pẹ̀lú. Òfin ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2018, tí àjọ FCCPC ń mójú tó, sọ pé iṣẹ́ tí kò bá dára tó, kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n dá apá tó yẹ nínú owó náà padà. Àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù tilẹ̀ rí i mú jù wá lọ: òfin ọdún 2015 tiwọn ní ọ̀nà tí oníbàárà gbà sanwó ni owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà padà, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá sọ ọ́ ní kedere pé òun fẹ́ ọ̀nà mìíràn.

Ibi tí òwe wa ti kù díẹ̀ káàtó nìyí. Ẹni tó ń rúbọ ló wá àdàn tí kò rí, òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ mú òòbẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí, ẹni tí àdàn wà lábẹ́ òrùlé rẹ̀ ló ń sọ fún wa pé kò sí.

N kò ní kí ẹ má gba òòbẹ̀ láéláé. Bí ó bá jẹ́ dòdò ₦1,000 ni kò dé, tó sì jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn lẹ ti ń jẹun lójoojúmọ́, ẹ gba owó áàpù kí ẹ sì ná an lọ́la. Bí ó bá jẹ́ owó áàpù lẹ fi ra oúnjẹ náà tẹ́lẹ̀, inú áàpù ló máa padà sí, ẹ kò lè bá wọn jà. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí wọ́n bá ti bá yín dín owó náà kù: adìẹ ₦6,000 tí wọ́n yọ ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ kúrò, ₦4,800 lẹ san, ₦4,800 ni wọ́n jẹ yín. Owó ọlọ́kadà kì í sì í sábà padà nígbà tí ìyókù oúnjẹ bá ti dé, torí pé ọlọ́kadà ti rin ìrìn náà.