Ọ̀sẹ̀ Méjì Ti Lọ, Jáḿbù Ń Bọ̀

Ká ní ọmọbìnrin kan ń múra ìdánwò Jáḿbù, ìṣègùn ló fẹ́ kà. Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì ni yóò ṣe. Ó ṣe àtẹ ìkàwé ọ̀sẹ̀ 10: wákàtí 3 lóòjọ́, ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀, orí-ọ̀rọ̀ kan lóòjọ́. Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn wà fún ìbéèrè àtẹ̀yìnwá nìkan. Ó ka ti ọ̀sẹ̀ 3 tán ni ibà bá dá a gúnlẹ̀. Kó tó gbádùn, ọ̀sẹ̀ 2 ti lọ. Orí-ọ̀rọ̀ 12, tó jẹ́ wákàtí 36, ló wà nílẹ̀ tí kò tíì kà, ọ̀sẹ̀ 5 péré ló sì kù.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé kéèyàn pín wákàtí 36 náà sórí ọjọ́ tó kù. Tí a bá yọ ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ọjọ́ ìkàwé 24 ló kù. Wákàtí kan ààbọ̀ ni yóò gorí 3 tó ti wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, lọ́rùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Inú oorun ni yóò ti yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ohun téèyàn kà láìsùn dáadáa kì í pẹ́ lórí. Má ṣe é. Má sì padà sí ibi tí o dúró sí kí o tó máa bá a lọ, torí ti òní náà yóò di èyí tó pẹ́. Ka ti òní lónìí. Ti ẹ̀yìn yóò ní àyè tirẹ̀: ààbọ̀ wákàtí lóòjọ́, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fi ààbọ̀ wákàtí ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dán ara rẹ wò. Mú orí-ọ̀rọ̀ méjì lójúmọ́ nínú 12 yẹn, pa ìwé dé, kí o dáhùn ìbéèrè àtẹ̀yìnwá 10 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí o bá ti gba 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fa igi lé e. Ó lè jẹ́ pé tíṣà ti kọ́ yín ní kíláàsì, àtẹ rẹ ni kò mọ̀. Ká ní ọmọ tí à ń sọ fa igi lé 4, ó ku 8.

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ṣí sílábọ́ọ̀sì Jáḿbù, kí o sì bi orí-ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú 8 náà pé: kí ló ń bọ̀ níwájú tó dúró lé ọ lórí? Ìṣirò móòlù nínú Kẹ́mísìrì jẹ́ òpó. Ẹni tó bá fò ó, tó bá dé òfin Fáráádè nínú ẹlẹ́kítírólísísì, yóò rí 96,500 kúlọ́ọ̀mù, kò ní mọ̀ pé iná tí móòlù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ń gbé ni. Nọ́ńbà lásán ni yóò máa há sórí. Fẹ́kítọ̀ nínú Físíìsì jẹ́ òpó fún agbára tó ń fa nǹkan síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pín sì jẹ́ òpó fún jẹnẹ́tíìsì. Òpó 3 nìyẹn. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kan, ààbọ̀ wákàtí lójoojúmọ́, tó jẹ́ wákàtí 3 lápapọ̀. Kíkà tó ń padà wá lọ́jọ́ 6 báyìí máa ń wọlé ju wákàtí 3 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ. Tí ẹlẹ́kítírólísísì bá wà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lórí àtẹ, jẹ́ kí òun àti orí-ọ̀rọ̀ mìíràn tó wà níwájú pààrọ̀ àyè, kí móòlù lè ṣáájú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan fún ìdánrawò, ọ̀sẹ̀ 3 fún òpó: ọjọ́ 24 ti pé.

Orí-ọ̀rọ̀ 5 tó ṣẹ́kù kò gbé nǹkan kan rù. Wákàtí kan ni kí o fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ibi tí o kùnà nínú ìdánrawò nìkan ni kí o kà. Wọn kò ní wọ̀ ọ́ lára bí àwọn tó kù, o lè pàdánù ìbéèrè kan tàbí méjì níbẹ̀, gbà bẹ́ẹ̀. Wákàtí 5 yẹn, inú ohun tó ń bọ̀ ni kí o ti yọ ọ́: wá orí-ọ̀rọ̀ 5 tí o ti mọ̀ dáadáa níléèwé, kí o dín ọ̀kọ̀ọ̀kan kù láti wákàtí 3 sí 2. Ní àpapọ̀, wákàtí 17 ni o fi dípò 36.

Má fọwọ́ kan ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, bó ti wù kó wù ọ́ tó. Ìbéèrè 180 ni Jáḿbù, 60 fún Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn yòókù, fún wákàtí 2. Ìṣẹ́jú-àáyá 40 ló kan ìbéèrè kan. Ẹni tí kò bá fi aago dánra wò rí yóò pàdánù máàkì lórí ohun tó mọ̀.

Tí ààbọ̀ wákàtí náà bá bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àtẹ tuntun náà ti wúwo jù. Má gbé e lọ sí ọjọ́ kejì; yọ ọ̀kan nínú 5 yẹn kúrò pátápátá, kí o fi wákàtí rẹ̀ parí òpó. Tó bá sì jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ 2 péré ló kù kí ìdánwò tó wọlé, ètò yìí kò ní ṣiṣẹ́. Ìbéèrè àtẹ̀yìnwá ni kí o máa ṣe látòwúrọ̀, kí o sì máa ka ibi tó bá bì ọ́ ṣubú.