Ẹ Má Fi Irin Ra Ohun Tí Ètò Ìṣàn Lè Ṣe

Lẹ́tà kan wà nínú ìṣirò ẹ̀rọ ìpààrọ̀ ooru tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹnjiníà máa ń gbójú fò, torí pé ó kéré. F ni. Ẹ ó wo àtẹ, ẹ ó mú 0.9 tàbí 0.85, ẹ ó fi sọ ìyókù di púpọ̀, ó tán. Ẹ̀yin ọmọ mi, F kì í ṣe ohun tí a fi ń parí ìṣirò lásán. Òun ló ń sọ bóyá ètò ìṣàn tí ẹ yàn lè ṣe iṣẹ́ tí ẹ gbé fún un. Bó bá ti ń sọ pé kò lè ṣe é, ẹ má máa fi irin kún irin. Ètò náà ni kí ẹ yí padà.

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí rẹ̀ wá. Ooru tó ń kúrò lára epo gbígbóná bọ́ sínú omi tútù dúró lórí nǹkan mẹ́ta: bó ṣe rọrùn tó fún ooru láti la ara irin kọjá, èyí tí à ń pè ní U, bí ojú irin náà ṣe fẹ̀ tó, èyí tí à ń pè ní A, àti ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbóná epo àti ti omi. Ìyàtọ̀ yìí kì í dúró sójú kan láti ìkángun ẹ̀rọ dé ìkángun kejì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wá àárín rẹ̀ pẹ̀lú lọ́gì: ẹ ó yọ ìyàtọ̀ kékeré kúrò nínú ńlá, ẹ ó sì fi lọ́gì àdánidá ti ńlá lórí kékeré pín in. Àmọ́ ìyàtọ̀ lọ́gì yìí péye fún ẹ̀rọ tí epo àti omi ti ń kọjú síra wọn tààrà, tí ọ̀kan ń bọ̀ bí èkejì ti ń lọ.

Ẹ̀rọ ṣẹ́ẹ̀lì-àti-tíúbù tí ẹ ó máa bá pàdé jù kì í rí bẹ́ẹ̀. Epo á gba inú ṣẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n omi á gba tíúbù lọ, á yí padà ní ìkángun, á sì tún bọ̀. Ìrìn kan nínú ṣẹ́ẹ̀lì, ìrìn méjì nínú tíúbù. Ó ní ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é báyìí. Bí a bá pín tíúbù sí ọ̀nà méjì, omi á sáré sí i, ooru á sì tètè kọjá. Bí tíúbù bá sì tẹ̀ kọ́rọ́ ní ìkángun kan, ó lè gùn tàbí kó sún kì nígbà tí ìgbóná bá yí, láìfa ohunkóhun ya. Èrè gidi ni. Ṣùgbọ́n nínú ìdajì tíúbù, omi àti epo ń kọjú síra wọn. Nínú ìdajì kejì, wọ́n jọ ń rìn lọ sí ọ̀nà kan náà. Ìdajì tí wọ́n ti jọ ń rìn yìí ló ń dín agbára ẹ̀rọ kù, F ló sì ń wọn bí àdínkù náà ti tó. Ẹ ó ṣírò ìyàtọ̀ lọ́gì bí ẹni pé ìkọjúsíra pátápátá ni, lẹ́yìn náà ẹ ó fi F sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹni tó bá ṣírò ìyàtọ̀ lọ́gì bí ìjọrìn, tó tún wá fi F kún un, ti san gbèsè kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ní 1940, Bowman, Mueller àti Nagle kó àwọn ìlà F fún oríṣiríṣi ètò ìṣàn jọ sínú ìwé kan tí ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà mẹkáníìkà ti Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde, ọ̀dọ̀ wọn sì ni àwọn àtẹ tí ẹ ń lò ti ń bọ̀. Nǹkan méjì péré ni àtẹ náà ń béèrè. P ni ìwọ̀n tí omi fi gbóná, tí a fi gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín epo tó ń wọlé àti omi tó ń wọlé pín. R ni ìwọ̀n tí epo fi tutù, tí a fi ìwọ̀n tí omi fi gbóná pín. Bí T1 àti T2 bá jẹ́ ti epo, tí t1 àti t2 sì jẹ́ ti omi:

```
R = (T1 - T2) / (t2 - t1)
P = (t2 - t1) / (T1 - t1)
S = sqrt(R^2 + 1)
F = S/(R-1) * ln[(1-P)/(1-P*R)]
    / ln[(2-P*(R+1-S))/(2-P*(R+1+S))]
```

Ẹ jẹ́ ká gbé iṣẹ́ kan yẹ̀ wò. Epo wọlé ní dígírì 100, a sì fẹ́ kó jáde ní 60. Omi tó ń lọ sí bọ́ílà wọlé ní 30. Ooru tó gbọ́dọ̀ kọjá jẹ́ 1,000 kílówáàtì, U sì jẹ́ 400 wáàtì fún sìkúéà mítà kan fún dígírì kan. Ìbéèrè tó kù ni pé, báwo ni ká ṣe jẹ́ kí omi gbóná tó kó tó jáde? Bó bá ṣe ń gbóná sí i ni omi tí a nílò yóò ṣe máa dín kù, olówó iṣẹ́ á sì fẹ́ràn ìyẹn.

Ká ní omi jáde ní 50. Ìyàtọ̀ lọ́gì jẹ́ 39.15, F sì jẹ́ 0.90. Ojú irin tí a nílò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sìkúéà mítà 71. Ìṣòro ò sí níbẹ̀.

Ká tún jẹ́ kó jáde ní 60, bákan náà pẹ̀lú epo. R jẹ́ 4/3, P jẹ́ 3/7, S sì di 5/3 gẹ́lẹ́, débi pé ẹ lè fi bírò ṣe ìṣirò yìí. Apá òkè di 5 lọ́nà lọ́gì 4/3, ìyẹn 1.438. Apá ìsàlẹ̀ di lọ́gì 6, ìyẹn 1.792. F jẹ́ 0.80. Irin di sìkúéà mítà 90.

Ẹni tó bá ní kí omi jáde ní 70 ti wọ igbó. Ìyàtọ̀ lọ́gì ṣì jẹ́ 30, kò tíì burú lójú. Ṣùgbọ́n F ti já wálẹ̀ sí 0.53, irin sì ti di sìkúéà mítà 156. Bí ẹ bá sì wá 72, P lọ́nà (R+1+S) á di 2 gẹ́lẹ́, apá ìsàlẹ̀ á di àìlópin, F á di òdo. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá kó gbogbo irin ayé jọ sínú ẹ̀rọ yìí, omi kò ní jáde ní 72. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Kí ló fà á? Ẹ wo ẹ̀rọ tí omi ti ń wọlé tó sì ń jáde ní ìkángun tí epo ti ń jáde. Omi tó fẹ́ jáde ti gbóná dé 70, epo tó wà níta tíúbù níbẹ̀ sì ti tutù dé 60. Ooru kì í gun òkè. Láti ara omi ló ń padà sínú epo. Irin tó wà níbẹ̀ ń tú ohun tí irin tó kù ti kó jọ ká. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó máa wò kí ẹ tó ṣí ìwé ìṣirò ni pé: ṣé omi tó ń jáde gbóná ju epo tó ń jáde lọ? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dúró.

Ìdí tún wà tí àwa àgbà fi ń sọ pé kí F má lọ sílẹ̀ ju 0.8 lọ, àwọn mìíràn gbà á dé 0.75. Kì í ṣe owó irin nìkan. Láti 60 sí 61, dígírì kan yẹn ń béèrè sìkúéà mítà 3 péré sí i. Láti 70 sí 71, dígírì kan náà ń béèrè 28. Bí ẹ bá kọ́ ẹ̀rọ yín sí etí ọ̀gbun yìí, àṣìwọ̀n kékeré lára tẹmómítà, tàbí omi tó wọlé gbóná díẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, ti tó láti sọ ọ́ di ẹ̀rọ tí kò ní dé ibi tí ẹ ṣèlérí.

Bó bá wá di dandan pé omi gbọ́dọ̀ jáde ní 70, ẹ to ṣẹ́ẹ̀lì méjì tẹ̀ léra. Epo á tutù láti 100 sí 80 nínú àkọ́kọ́, á sì tutù dé 60 nínú èkejì. Omi á gba èkejì wọlé, á gbóná láti 30 sí 50, á sì gbóná dé 70 nínú àkọ́kọ́. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, omi tó ń jáde kò gbóná tó epo tó ń jáde mọ́. P ṣẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan di 0.4, F di 0.92, àpapọ̀ irin méjèèjì sì di nǹkan bíi sìkúéà mítà 91 dípò 156. Lóòótọ́, ṣẹ́ẹ̀lì méjì ní páìpù àti ìpìlẹ̀ púpọ̀ ju ẹyọ kan lọ, ẹ ka ìyẹn mọ́ owó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yín á dúró lórí ilẹ̀ tó le.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan mẹ́ta tó máa ń tan ni jẹ. Àkọ́kọ́, tí ìwé ìṣirò orí kọ̀ǹpútà bá kọ `#NUM!`, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í tún fọ́múlà ṣe. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti béèrè ohun tí ètò yẹn kò lè ṣe láéláé, bíi omi 73 nínú iṣẹ́ wa yìí. Ṣùgbọ́n bí R bá jẹ́ 1 gẹ́lẹ́, bíi ti omi 70, `#DIV/0!` lẹ ó rí, fọ́múlà ló sì fà á. Ẹ fi 1.0001 rọ́pò R, ìdáhùn á jáde.

Èkejì, lórí ẹ̀rọ tó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fi ìyàtọ̀ lọ́gì nìkan wá U lára ẹ̀rọ onísìkúéà mítà 156 yẹn á rí 214 dípò 400, á sì pariwo pé tíúbù ti dọ̀tí. Wọ́n á dá iṣẹ́ dúró, wọ́n á fọ̀ ọ́, kò sì ní yí padà, torí pé tíúbù mọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣírò F láti ara ìgbóná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ tó pe àwọn tó ń fọ̀ ọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ mọ ibi tí F parí sí. Àwọn tó ṣe fọ́múlà yìí gbà pé U kò yí padà láti ìkángun dé ìkángun, pé ìrìn tíúbù méjèèjì ní ojú irin kan náà, àti pé kò sí ohun tó ń jò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ohun kan bá ń di omi láti ara oru ní ìgbóná kan ṣoṣo, F jẹ́ 1, ètò ìṣàn kò ní ipa. Bó bá kọ́kọ́ tutù, tó wá di omi lẹ́yìn náà nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ẹ má fi F kan bo gbogbo rẹ̀. Ẹ pín in sí apá, kí ẹ sì ṣírò apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Lórí gbogbo ìwé ẹ̀rọ tí ẹ bá máa fọwọ́ sí, kí ìgbóná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣáájú, kí P àti R tẹ̀ lé e, kí F tẹ̀ lé wọn. Bí F kò bá tó 0.8, ẹ padà lọ yí iye ṣẹ́ẹ̀lì tàbí ìgbóná ìjáde. Ẹ̀yìn ìyẹn nìkan ni kí ẹ tó kọ ojú irin sílẹ̀.