Àgbàdo Tí Ewé Rẹ̀ Pọ́n, àti Ọ̀rọ̀ Tí Ó Yẹ Kí Ó Bá Àwòrán Rẹ̀ Rìn

Láti ìgbà tí fóònù ti di ohun tí àgbẹ̀ ń kì bọ àpò kí ó tó gbé àdá lọ sí oko, kò sí àkókò òjò kan tí irú àwòrán yìí kì í dé ọ̀dọ̀ àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ gbígba àgbẹ̀ nímọ̀ràn ní Ayétòrò àti ní gbogbo ilẹ̀ Yewa: ewé àgbàdo kan ṣoṣo, tí ó ti pọ́n rúsúrúsú, tí ẹni tí ó yà á fi ìka méjì dì í mú ní ṣóńṣó, tí kò sì sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní abẹ́ rẹ̀ tí yóò sọ ohun tí ó ń fẹ́ gbọ́. A kò bínú sí ẹni tí ó fi í ránṣẹ́, nítorí ohun tí ó wà ní ọkàn rẹ̀ kò fara sin. Ó fẹ́ mọ ohun tí ó ń ṣe àgbàdo rẹ̀, àti ohun tí òun lè fi sí i kí ó tó pẹ́ jù. Àwọn àgbà sọ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Ṣùgbọ́n àbọ̀ tí ewé kan ṣoṣo sọ kò lè di odindi nínú ẹnikẹ́ni, bí ó ti wù kí ó gbọ́n tó, àfi bí àgbẹ̀ tí ó mọ oko náà bá fi èyí tí ó kù kún un.

Gbogbo aláńgbá ni ó da inú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ebi náítrójìn a máa mú kí ewé àgbàdo pọ́n. Omi tí ó dúró sí ìdí rẹ̀ a máa mú kí ó pọ́n. Àrùn tí kòkòrò gbé wá, oògùn pa koríko tí ó ṣì í bá, àní ọjọ́ ogbó lásán, gbogbo wọn ni wọ́n ń pa ewé ní àwọ̀ kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn ọ̀kan kì í ṣe oògùn èkejì. Mo ti rí ẹni tí ó ra yúríà fún àgbàdo tí àrùn ń bá jà, tí owó rẹ̀ wọ ilẹ̀ tí kò sì jáde mọ́, nítorí pé ewé tí ó pọ́n ni ó rí, kò wo ibi tí ewé náà wà ní ara igi.

Ibi tí ewé náà wà yìí ni ohun kìn-ín-ní tí à ń fẹ́ mọ̀, nítorí òun ni ó ń pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì kí a tó dé ibi kankan. Nígbà tí oúnjẹ ilẹ̀ kò bá tó àgbàdo, kì í pín ìyà náà dọ́gba fún àwọn ewé rẹ̀. Náítrójìn jẹ́ oúnjẹ tí àgbàdo lè kó láti ibì kan lọ sí ibòmíràn nínú ara rẹ̀; nítorí náà, bí èyí tí gbòǹgbò ń rí fà nínú ilẹ̀ kò bá tó, igi náà yóò tú u kúrò nínú ewé àgbà tí ó wà ní ìsàlẹ̀, yóò sì gbé e fún èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lókè, bí ìyá tí ó ń bu oúnjẹ ara rẹ̀ fún ọmọ ní ìgbà ọ̀dá. Ìdí nìyí tí àgbàdo tí ebi náítrójìn ń pa fi ń pọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, tí orí rẹ̀ sì tún lè tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ìsàlẹ̀ ti gbẹ. Sọ́fọ̀ yàtọ̀. Kì í ṣí kúrò nínú ewé àgbà bọ̀rọ̀, nítorí náà ewé tuntun òkè ni àìtó rẹ̀ kọ́kọ́ máa ń hàn lára. Ẹ rí i pé ewé kan tí a já, tí a sì gbé sí ọwọ́ láti yà, ti pàdánù ẹ̀rí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ lára rẹ̀.

Lẹ́yìn ibi tí ó wà, ẹ jẹ́ kí a wo bí pípọ́n náà ti gba ojú ewé. Ti náítrójìn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó, yóò sì máa gba ọ̀pá àárín ewé wọlé, tí etí ewé méjèèjì yóò ṣì máa tutù fún ìgbà díẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ibi tí ó pọ́n yóò fi rí gẹ́gẹ́ bí ọfà tí ó kọ ẹnu sí ìdí ewé. Bí ó bá jẹ́ etí ewé ìsàlẹ̀ ni ó kọ́kọ́ pọ́n tí ó sì gbẹ bí ẹni pé iná rà á, tí àárín rẹ̀ ṣì tutù, pọ́tásíọ̀mù ni ó ṣeé ṣe kí ó dín, kì í ṣe náítrójìn, yúríà kò sì ní ohun tí yóò fi wò ó.

Ti àrùn tí ó ń fa ìlà sí ewé àgbàdo tún yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí pátápátá. Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fà á, kòkòrò kékeré kan tí ó ń ta pọ́nún láti ewé dé ewé, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sikadulína, ni ó sì ń gbé e kiri láti ara koríko wá sí ara àgbàdo. Ìlà tín-ín-rín funfun tàbí pupa rúsúrúsú, tí ó ń já, tí ó tún ń so, yóò tẹ̀lé iṣan ewé láti ìdí dé ṣóńṣó, lára àwọn ewé tí ó yọ lẹ́yìn tí àrùn ti wọlé. Àwọn ewé tí ó ti yọ ṣáájú a sì máa tutù bí wọ́n ti wà. Bí ó bá mú àgbàdo ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, igi náà kò ní ga dáadáa, ó sì lè má so rárá. Àìsàn ló ṣeé wò, a kò rí ẹni wo ikú: kò sí ajílẹ̀, kò sì sí oògùn tí a óò fín tí yóò lé fáírọ́ọ̀sì jáde kúrò nínú igi tí ó ti wọ̀. Irúgbìn tí ó lè kojú rẹ̀ ni ààbò. Ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA tí ó wà ní Ìbàdàn ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀ lórí irú àgbàdo bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Ọba Baudouin ní ọdún 1986 nítorí rẹ̀. Èyí ni a fi ń bi àgbẹ̀ léèrè ibi tí ó ti rí irúgbìn rẹ̀. Àrùn yìí a sì máa pọ̀ lára àgbàdo àrọ̀kúrò ju ti àkọ́rọ̀ lọ, nítorí náà oṣù tí a gbìn ín pàápàá jẹ́ ẹ̀rí.

Bí ewé tí ó wà ní ọkàn igi bá funfun tàbí tí ó pọ́n lójijì láàárín ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí a fín oògùn sí koríko, tí ìyà náà sì pọ̀ jù ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti fín in, oògùn náà ni kí a kọ́kọ́ fura sí, àti ẹ̀rọ tí a kò fọ̀ dáadáa lẹ́yìn tí a lò ó fún oògùn mìíràn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a mú oko kan bí àpẹẹrẹ, kí a rí bí ọ̀rọ̀ díẹ̀ ti ń yí ohun tí àwòrán sọ padà. Éékà kan ni, ní apá Ayétòrò, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ oníyanrìn, apá kan rẹ̀ sì rọ̀ wálẹ̀ sí ìhà odò. Àwòrán fi ewé pípọ́n kan hàn, ìyẹn nìkan. A béèrè fún àwòrán mẹ́ta dípò rẹ̀: odindi igi kan láti ìdí dé orí, ojú oko láti ọ̀ọ́kán, àti ewé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ewé òkè tí ó wà lára igi kan náà, kí oòrùn wà ní ẹ̀yìn ẹni tí ó ń yà á. A tún béèrè ọ̀rọ̀ díẹ̀. Èsì rẹ̀ ni pé àárín oṣù kẹrin ni a gbìn ín, ó sì ti tó ogójì ọjọ́. Àpò ẹ̀n-pí-kéè 15-15-15 kan ni a fi sí i ní ọ̀sẹ̀ kejì, a kò sì tíì fi nǹkan mìíràn sí i. Òjò ńlá sì ti rọ̀ léraléra ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ewé ìsàlẹ̀ ni ó ń pọ́n, ọfà náà sì hàn ní àárín wọn. Ewé òkè kò ní ìlà. Ìyẹn yọ fáírọ́ọ̀sì kúrò nínú ọ̀rọ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Àpò 15-15-15 oníwọ̀n àádọ́ta kílò ní náítrójìn kílò méje àti ààbọ̀ nínú, bẹ́ẹ̀ ni éékà àgbàdo kan tí a fẹ́ kí ó so dáadáa lè fẹ́ tó ogójì kílò náítrójìn láti inú ilẹ̀ àti ajílẹ̀ lápapọ̀. Ohun tí ó kéré ni a fún un, òjò sì ti gbé lára rẹ̀ wọlẹ̀ kọjá ibi tí gbòǹgbò lè dé nínú yanrìn. Ṣùgbọ́n àwòrán ojú oko fi hàn pé apá tí ó rọ̀ wálẹ̀ pọ́n ju òkè lọ, pé ibẹ̀ pọ́n láti orí dé ìdí. Èyí ni a fi ní kí àgbẹ̀ náà hú igi kan ní òkè, kí ó sì hú òmíràn ní ìsàlẹ̀. Gbòǹgbò ti òkè funfun, ó sì le. Ti ìsàlẹ̀ dúdú, ó rọ̀, òórùn rẹ̀ kò sì dára: omi ti gba ibi tí ó yẹ kí afẹ́fẹ́ wà. Oko kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ìyà méjì ni ó ń jẹ ẹ́.

Ní òkè, ìwọ̀n àpò yúríà oníwọ̀n àádọ́ta kílò kan fún éékà kan tọ́, tí í ṣe kílò mẹ́tàlélógún náítrójìn. Kí a dá ihò sí ẹ̀gbẹ́ igi, ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí mẹ́rin sí ìdí rẹ̀, kí a bu ajílẹ̀ náà sí i pẹ̀lú ìdérí ìgò, kí a sì fi erùpẹ̀ bò ó, nítorí yúríà tí a fọ́n sí ojú ilẹ̀ lásán a máa bá afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tutù, ṣùgbọ́n kí òjò ńlá má ṣú. Ẹ kọ́kọ́ wọn àwọn poro díẹ̀ wò. Bí àpò bá fẹ́ tán ní àárín oko, ẹ dín ohun tí ẹ ń bù kù. Ní ìsàlẹ̀, ẹ gbẹ́ ojú omi kí ó lè ṣàn lọ ná, kí ẹ má sì fi ajílẹ̀ kankan síbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ díẹ̀ tí gbòǹgbò funfun tuntun yóò fi yọ. Níbi tí omi dúró sí, náítrójìn tí a bá dà síbẹ̀ yóò di afẹ́fẹ́ lọ lásán. Igi tí gbogbo gbòǹgbò rẹ̀ ti rà kò ní jí mọ́, kí a má sì tan ara wa.

Àkókò kò dúró. Bí ìrùkẹ̀rẹ̀ bá ti jáde, tí irun sì ti yọ ní ẹnu ọmọ àgbàdo, yúríà kò tún ní èrè púpọ̀ mọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọmọ ti gbó ni ewé ìsàlẹ̀ ń gbẹ, ìyẹn kì í ṣe àìsàn, ìgbà rẹ̀ ni ó tó.

Kí ẹ má retí pé ewé tí ó ti pọ́n yóò tún tutù padà lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ajílẹ̀ sí i. Ewé òkè ni kí ẹ wò lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Mo sì ń bẹ̀ yín kí ẹ fi poro méjì sílẹ̀ ní àárín oko láìfi yúríà kàn wọ́n, kí ẹ so àkísà mọ́ igi kan níbẹ̀ àti igi kan ní poro tí ó kàn án tí ó jẹ yúríà, kí ẹ sì ya àwòrán méjèèjì ránṣẹ́ sí wa. Bí wọn kò bá yàtọ̀ síra, a jẹ́ pé kì í ṣe ebi náítrójìn ni, a ó sì ní kí ẹ bu erùpẹ̀ oko náà fún àyẹ̀wò ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Olábísí Ọnàbánjọ tí ó wà ní Ayétòrò níbí, láti igun mẹ́rin oko àti àárín rẹ̀, kí ẹ má dà wọ́n pọ̀ mọ́ erùpẹ̀ apá tí omi dúró sí.