Ẹ Má Tíì Yí Pásíwọọ̀dù Yín Padà

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Kọ̀ǹpútà,

Ẹ jọ̀ọ́, sà, tí ẹ bá ka lẹ́tà yìí tán, ẹ bá mi lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, nítorí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ni mo fi ń kìlọ̀ fún jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìdánwò ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nígbà tí mo fi Firefox ṣí ojú òpó ìdánwò lórí laptọ́ọ̀pù mi. Mo tẹ nọ́ńbà mi àti pásíwọọ̀dù, ó dá mi padà sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí:

```
Your session has timed out. Please log in again.
```

Àkókò wo ló tán? Èmi tí n kò tíì wọlé rárá! Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹnìkejì mi ní kí n yí pásíwọọ̀dù padà. Kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀, mo gbìyànjú Chrome. Kíá ló gbà mí wọlé.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí búráúsà kan bá gbà yín, tí èkejì kọ̀, pásíwọọ̀dù yín kò ní àrùn. Àfi bí búráúsà bá ń fi èyí àtijọ́ tó ti fi pamọ́ dí àyè náà fúnra rẹ̀. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ fọwọ́ tẹ èyí tó tọ́. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ léraléra o, torí ọ̀pọ̀ ojú òpó ló máa ń ti ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀melòó kan mọ́ta.

Lẹ́yìn ìdánwò, mo padà sí Firefox. Mo tẹ Ctrl+Shift+P, fèrèsé àdáni sì ṣí. Ibẹ̀ náà gbà mí. Ohun tí Firefox ti fi pamọ́ ni mo wá tú wò: mo tẹ F12, mo wọ Storage, mo sì rí kúkì méjì tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Kúkì dà bí tálì ilé ìwòsàn: òun ni sáfà fi ń dá ènìyàn mọ̀. Ọ̀kan nínú tèmi jẹ́ ti sáà tó kọjá, fún gbogbo ojú òpó ilé ìwé. Èkejì jẹ́ ti ojú òpó ìdánwò nìkan. Firefox ń fi méjèèjì ránṣẹ́, ti àtijọ́ ló ṣíwájú, òun sì ni sáfà ń kà. Èmi náà jẹ̀bi díẹ̀: mo ti ní kí Firefox máa dá àwọn ojú ewé àná padà, ìyẹn ni kúkì náà kò fi kú nígbà tí mo bá pa Firefox dé.

Mo tẹ àmì àgádágodo lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì, mo yan "Clear cookies and site data…", ó tán. Ẹ má pa gbogbo ìtàn búráúsà yín rẹ́ nítorí ojú òpó kan. Bí ìdánwò bá sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ lo fèrèsé àdáni, ṣùgbọ́n ẹ má pa á dé kí ẹ tó fi iṣẹ́ yín ránṣẹ́.

Sà, bí ẹ bá lè yí orúkọ kúkì ojú òpó ìdánwò padà lórí sáfà, kò ní sí pé akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ń wá tálì àtijọ́ kiri. Ìdánwò kejì di Ọjọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín,
Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta